Òfin sáìnì àti òfin kósáìnì: ìgbà tí pílọ́ọ̀tì onígun mẹ́ta kan ní ìdáhùn méjì

Ibi tí igun kan bá ti jẹ́ 90° géérégé nìkan ni Pitágórásì ti ń ṣiṣẹ́. Sáìnì àti kósáìnì tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ náà, orí onígun mẹ́ta tó ní igun 90° ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ní Kuje, ní Lugbe tàbí ní Kubwa, ní agbègbè Abuja, níbi tí títì kan bá ti ya kúrò lára òmíràn, pílọ́ọ̀tì tó máa ṣẹ́kù sí àárín wọn sábà máa ń jẹ́ onígun mẹ́ta tí kò sí 90° kankan nínú rẹ̀. Òfin méjì ló wà fún irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń múra ìdánwò àṣejáde sì máa ń há méjèèjì sórí láìsí wàhálà. Ohun tó ń da orí rú ni pé ìgbà kan wà tí ìbéèrè kan ṣoṣo máa ń ní ìdáhùn méjì tó tọ̀nà, tí kakulétọ̀ yóò fi ọ̀kan hàn, tí kò ní sọ ohunkóhun nípa èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ. A ó pe igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní A, B àti C, ní lẹ́tà ńlá. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igun A, èyí tí kò fara kàn án rárá, ni a ó pè ní a, ní lẹ́tà kékeré. Bákan náà ni b kọjú sí B, tí c sì kọjú sí C. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ tó lọ láti A dé B kì í ṣe a, kì í sì í ṣe b. Òun ni c, torí pé igun C ló ń wò ó láti òdìkejì. Ibí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan.

Òfin méjèèjì ti ara ìlà kan ṣoṣo jáde. Ẹ fa ìlà láti B, kó lọ balẹ̀ sórí ẹ̀gbẹ́ AC ní 90°. Ká pe ibi tó balẹ̀ sí ní D, ká sì pe gígùn ìlà náà ní h. Onígun mẹ́ta wa ti pín sí méjì báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní igun 90°, nítorí náà a lè lo ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lápá ọ̀dọ̀ A, h jẹ́ c sin A. Lápá ọ̀dọ̀ C, h kan náà jẹ́ a sin C. Ìlà kan ṣoṣo ni, kò lè ní gígùn méjì, torí náà c sin A àti a sin C dọ́gba. Tí a bá tún un tò, tí a sì fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ láti igun mìíràn kí b náà lè wọlé, ó di òfin sáìnì:

```
a/sin A = b/sin B = c/sin C
```

Òfin kósáìnì ń tọ ìlà yẹn kan náà. Láti A dé D jẹ́ c cos A. Ohun tó ṣẹ́kù láti D dé C jẹ́ b − c cos A. Ẹ lo Pitágórásì lápá ọ̀dọ̀ C, níbi tí ẹ̀gbẹ́ a ti jẹ́ èyí tó gùn jù, kí ẹ tú àkámọ́ sílẹ̀, ẹ ó rí èyí:

```
a² = b² + c² − 2bc cos A
```

Tí A bá jẹ́ 90°, cos A di òdo, Pitágórásì sì padà wá gẹ́gẹ́ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyókù, ìyẹn 2bc cos A, ni àtúnṣe tí a ń ṣe nítorí pé igun náà kì í ṣe 90°. Tí A bá fẹ̀ ju 90° lọ, kósáìnì rẹ̀ yóò jẹ́ nọ́ḿbà òdì, àyọkúrò náà yóò sì di àròpọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu: bí igun bá ṣe ń là sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i ń gùn sí i.

Ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ló máa sọ èyí tí ẹ ó lò. Bí ẹ bá mọ ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ sì mọ igun tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an, òfin sáìnì ló kàn. Bí kò bá sí irú méjì bẹ́ẹ̀ tó ń wo ara wọn, yálà torí pé ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta nìkan lẹ ní, tàbí torí pé igun tí ẹ mọ̀ wà láàárín ẹ̀gbẹ́ méjì tí ẹ mọ̀, òfin kósáìnì lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ilẹ̀. Ká sọ pé pílọ́ọ̀tì onígun mẹ́ta kan wà ní Kuje. Sọ́féyọ̀ ti ri bíkọ̀n, ìyẹn òpó kọnkéré kékeré, mọ́ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bíkọ̀n A àti B ṣì wà ní ìdúró, ṣùgbọ́n katapílà tó wá la títì ti hú C dànù. Ohun mẹ́ta péré ni onílẹ̀ rí kọ sínú ìwé rẹ̀: láti A dé B jẹ́ 50 mítà, igun tó wà ní A jẹ́ 40°, láti B dé C sì jẹ́ 36 mítà. Níbo ni C wà?

Pẹ̀lú orúkọ tí a fún wọn, c = 50, a = 36, A = 40°. Ẹ̀gbẹ́ a kọjú sí igun A, a sì mọ méjèèjì, nítorí náà òfin sáìnì ni. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ sin 30 sórí kakulétọ̀. Bí kò bá mú 0.5 wá, kakulétọ̀ yẹn kò sí lórí dìgírì, ẹnì kan ti yí i sí RAD tàbí GRAD, gbogbo ohun tó bá sọ lẹ́yìn náà kò sì ní wúlò. Lẹ́yìn èyí:

```
sin C = 50 × sin 40° ÷ 36 = 0.8928
C = 63.22°
```

Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ 180°, nítorí náà B = 180 − 40 − 63.22 = 76.78°. Ẹ̀gbẹ́ AC, ìyẹn b, jẹ́ 36 × sin 76.78° ÷ sin 40°, tó jẹ́ 54.52 mítà. Ọ̀pọ̀ ló máa fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn yìí, tí wọ́n á sì pa ìwé dé. Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò náà, ṣùgbọ́n ìdajì ìdáhùn ni.

Ẹ jẹ́ ká fi okùn wò ó. Ẹ dúró ti bíkọ̀n A, ẹ wo igun 40° láti ìlà AB, kí ẹ sì na ìlà kan lọ sí apá ibẹ̀ títí tí ojú yóò fi ká a. A mọ̀ pé orí ìlà yẹn ni C wà, ṣùgbọ́n a kò mọ bó ṣe jìn tó, torí kò sí ẹni tó sọ gígùn AC fún wa. Ẹ wá lọ sí bíkọ̀n B, kí ẹ so okùn tó gùn ní 36 mítà mọ́ ọn, ẹ di orí rẹ̀ kejì mú, ẹ fà á le, kí ẹ sì máa rìn yíká. Ẹ ó kan ìlà náà lẹ́ẹ̀kan níbi tó sún mọ́ A. Bí ẹ bá ṣe ń rìn lọ, ẹ ó wà ní ìkọjá ìlà náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tún padà wá kan án níbi tó jìnnà sí A. Ibi méjì nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 36 mítà sí B. Ohun mẹ́ta tó wà nínú ìwé onílẹ̀ bá àwọn méjèèjì mu láìyẹ̀.

Kí ló dé tí kakulétọ̀ kò fi sọ̀rọ̀ ibi kejì? Sáìnì igun kan àti sáìnì ohun tó ṣẹ́kù kí igun yẹn tó pé 180° kò yàtọ̀ síra. Sáìnì 63.22° jẹ́ 0.8928, sáìnì 116.78° náà jẹ́ 0.8928. Nígbà tí ẹ bá bi kakulétọ̀ léèrè pé igun wo ni sáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.8928, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ láti dáhùn, èyí tí kò ju 90° lọ ló sì máa ń mú. Kò purọ́, àmọ́ kò sọ tán.

Nítorí náà ẹ fúnra yín ni ẹ ó wá èkejì. Ẹ yọ 63.22 kúrò nínú 180, ó ku 116.78°. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ igun tí wọ́n fún wa: 116.78 àti 40 jẹ́ 156.78°. Kò tíì tó 180°, àyè ṣì wà fún igun B, torí náà onígun mẹ́ta yìí náà lè dúró. B tuntun jẹ́ 23.22°, AC tuntun sì jẹ́ 36 × sin 23.22° ÷ sin 40°, tó jẹ́ 22.08 mítà.

Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ibi méjì tí C lè wà fi 32.44 mítà jìnnà síra lórí ìlà kan náà. Tí a bá ṣírò ìwọ̀n ilẹ̀ náà, ìyẹn ìdajì b × c × sin A, pílọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi 876 sikuéà mítà, èkejì sì jẹ́ nǹkan bíi 355. Ẹni tó bá fi ìdáhùn àkọ́kọ́ ra ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìkejì ni òótọ́ ibẹ̀, ó ti san owó ohun tó ju ìlọ́po méjì ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ.

Gígùn okùn ló ń pinnu iye ìdáhùn, ìlà h tí a fà níṣàájú ló sì ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Láti B, ibi tó sún mọ́ wa jù lórí ìlà tó ti A jáde jẹ́ h, tó jẹ́ 50 × sin 40°, ìyẹn 32.14 mítà. Ká ní okùn wa jẹ́ 30 mítà, kò ní dé ìlà náà rárá. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: sin C yóò jẹ́ 1.07, kò sì sí igun tí sáìnì rẹ̀ ju 1 lọ, kakulétọ̀ yóò sì kọ Math ERROR. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé àwọn ló tẹ̀ ẹ́ ṣì, wọ́n á máa tún un tẹ̀. Kò bàjẹ́, ohun tó ń sọ ni pé irú onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Tó bá jẹ́ lórí ilẹ̀ gidi ni èyí ti ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò tọ̀nà.

Bí okùn bá jẹ́ 32.14 mítà gan-an, yóò kàn fọwọ́ ba ìlà náà níbi kan ṣoṣo, C yóò sì jẹ́ 90°. Láti ibẹ̀ títí dé 50 mítà ni ibi tí ìdáhùn ti ń di méjì. Tí okùn bá wá tó 50 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti gùn dé A fúnra rẹ̀ tàbí kọjá sí ẹ̀yìn A, níbi tí ìlà wa kò dé, ibi iwájú nìkan ló sì kù. Ẹ gbé 60 mítà wò: C jẹ́ 32.39°. Èyí tó ṣẹ́kù kó tó 180 jẹ́ 147.61°, àmọ́ tí ẹ bá ro 40 mọ́ ọn, ó di 187.61°. Ó ti kọjá 180°, kò sí onígun mẹ́ta tó lè gbà á, ẹ fi sílẹ̀.

Àwọn ìwé kan máa ń to gbogbo èyí sínú tábìlì pé kí akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí. Kò pọn dandan. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fi òfin sáìnì wá igun, ẹ yọ ìdáhùn náà kúrò nínú 180, ẹ ro èyí tó ṣẹ́kù mọ́ igun tí ẹ ti mọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá dín sí 180, ìdáhùn méjèèjì ló dúró. Bó bá tó 180 tàbí tó jù ú lọ, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ìdánwò kan yìí tó nígbà tí igun tí wọ́n fún yín kò bá tó 90°. Bó bá tó 90° tàbí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ ro ìdáhùn kakulétọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn: bí àpapọ̀ náà bá tó 180 tàbí tó jù ú lọ, kò sí onígun mẹ́ta kankan. Tí ẹ bá fi òfin sáìnì wá ẹ̀gbẹ́ ni kẹ́ ẹ má ṣe da ara yín láàmú, torí pé igun kan pàtó kì í ní sáìnì méjì.

Ọ̀nà mìíràn wà tí mo fẹ́ràn jù, àmọ́ tí wọn kì í sábà fi kọ́ni: kí á fi òfin kósáìnì wá ẹ̀gbẹ́ AC tààrà, láìwá igun kankan. A fi 36, 50 àti 40° sí ipò wọn, a fi b sílẹ̀ bó ṣe wà:

```
36² = b² + 50² − 2 × 50 × b × cos 40°
b² − 76.60b + 1204 = 0
b = 38.30 ± 16.22
```

Ìdáhùn méjèèjì já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: 54.52 àti 22.08. Ẹ wo bí àwọn nọ́ḿbà yẹn ṣe bá ilẹ̀ mu. 38.30 ni ibi tí D wà sí A, ìyẹn 50 × cos 40°. 16.22 sì ni bí okùn ṣe nà kọjá D sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí nọ́ḿbà tó wà lábẹ́ sikuéà rúùtù bá jẹ́ òdì, kò sí onígun mẹ́ta; bí ọ̀kan nínú ìdáhùn bá jẹ́ òdì, ẹ̀yìn A ló bọ́ sí, ẹ sọ ọ́ nù. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbàgbé níbẹ̀, torí pé ± fúnra rẹ̀ ló ń ránni létí.

Bí ìdáhùn bá wá di méjì, èwo ni ká mú? Kò sí fọ́múlà tó lè sọ èyí. Ohun kẹrin la nílò, láti ìta. Nínú ìdánwò, ó máa ń wà nínú ọ̀rọ̀ ìbéèrè: wọ́n lè sọ pé igun C fẹ̀ ju 90° lọ, tàbí kí wọ́n ya àwòrán. Bí wọn kò bá sọ ohunkóhun, ẹ kọ méjèèjì. Lórí ilẹ̀, ẹ bi ẹni tó mọ bíkọ̀n náà kí wọ́n tó hú u bóyá igun ibẹ̀ mú tàbí ó là: 63° yàtọ̀ sí 117° débi tí ojú lásán lè rí i. Ìwọ̀n àfojúdá láti A dé C náà tó, torí kò sí ẹni tó máa fi 22 mítà pe 54. Èyí tó dájú jù ni plánì sọ́fè, torí pé ó máa ń gbé bíárìnì àti gígùn ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀n gbogbo ilẹ̀ náà ní sikuéà mítà. Bó bá kọ nǹkan bíi 355 sí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ o, títún bíkọ̀n rì kì í ṣe iṣẹ́ onílẹ̀, bó ti wù kí ìṣirò rẹ̀ dára tó. Sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ló ń ṣe é.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹni tó ń fi téèpù wọn ilẹ̀ mọ̀. Bí gígùn okùn bá ṣe ń sún mọ́ h, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe kékeré ń di ńlá. Nínú àpẹẹrẹ wa, ká ní téèpù fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ṣì, tí 36 di 36.1, ibi tí C wà yóò sún kúrò ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22. A lè fara mọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ká ní BC jẹ́ 32.3 mítà, tó kan fi díẹ̀ ju 32.14 lọ, sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kan náà yóò sún C ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 88. Ìdí ni pé okùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ní 90° sí ìlà ọ̀hún, tó bá sì wà bẹ́ẹ̀, ẹ lè rìn jìnnà díẹ̀ lórí ìlà náà kí okùn tó mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ bá rí i pé C ń sún mọ́ 90°, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé òfin sáìnì láti B. Ẹ wá ọ̀nà láti wọn AC fúnra rẹ̀.

Pẹ̀lú òfin kósáìnì, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀, torí pé ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun tó wà láàárín wọn kò lè ya onígun mẹ́ta méjì. Síbẹ̀, ọ̀fìn kan fara pa mọ́ síbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ń já sí.

Ẹ gbé ọ̀kan wò ní Mpape, níbi tí àpáta pọ̀ sí. Àpáta dí àárín ibi méjì, B àti C, téèpù kò lè kọjá. Ẹ lọ dúró síbi kan, A, tí ẹ ti lè rí méjèèjì. Láti A dé B jẹ́ 40 mítà, láti A dé C jẹ́ 70 mítà, igun àárín wọn jẹ́ 30°. Òfin kósáìnì sọ pé:

```
a² = 70² + 40² − 2 × 70 × 40 × cos 30°
a² = 6500 − 4849.74 = 1650.26
a = 40.62
```

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí èèyàn yọ 5600 kúrò nínú 6500 kó tó fi kósáìnì sọ 900 tó kù di púpọ̀. Kósáìnì kò kan 6500. 5600 nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò rí 27.9 mítà, ó sì lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni: 40 àti 27.9 kò pé 70, ẹ̀gbẹ́ méjì kúkúrú yẹn kò sì lè pàdé.

Ọ̀fìn gan-an wà ní ìgbésẹ̀ tó tẹ̀lé e. A ti ní 40.62 tó kọjú sí 30°, torí náà a lè lo òfin sáìnì láti wá igun B. Sin B = 70 × sin 30° ÷ 40.62, tó jẹ́ 0.8616, kakulétọ̀ sì sọ pé B = 59.49°. A yọ ọ́ pọ̀ mọ́ 30 kúrò nínú 180, C di 90.51°. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé 180 géérégé, gbogbo rẹ̀ sì dára lójú. Kò tọ̀nà rárá. B gidi jẹ́ 120.51°, C sì jẹ́ 29.49°. Kakulétọ̀ tún ti ṣe ohun tó ṣe níjọ́sí, ó mú igun tí kò tó 90° fún wa, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, òun kọ́ ló sì mú. Àyẹ̀wò 180 kò lè tú u fó, torí pé àyọkúrò láti 180 la fi rí C.

Ọ̀nà méjì lẹ lè gbà yẹra fún un. Ẹ lè fi òfin kósáìnì wá igun náà pẹ̀lú: cos B = (40² + 40.62² − 70²) ÷ (2 × 40 × 40.62), tó jẹ́ −0.508. Àmì òdì yẹn ló ń sọ pé igun náà ju 90° lọ, kakulétọ̀ yóò sì mú 120.51° wá fúnra rẹ̀. Tàbí kí ẹ kọ́kọ́ fi òfin sáìnì wá igun tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú nínú méjì tó kù, ìyẹn C tó kọjú sí 40. Igun tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú ju òmíràn lọ kò lè tó 90° láé, nítorí náà èyí tí kakulétọ̀ bá mú níbẹ̀ ni òótọ́.

Bí ẹnì kan bá sì ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá tán, tí ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti já sí ọ̀fìn yìí, ẹ to ẹ̀gbẹ́ láti orí èyí tó kúrú jù dé orí èyí tó gùn jù, kí ẹ to igun tó kọjú sí wọn tẹ̀ lé e. Ètò méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú ìdáhùn tí kò tọ̀nà yẹn, 90.51°, igun tó tóbi jù, ń kọjú sí 40 mítà tó kúrú jù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé àyẹ̀wò yìí lọ sí pílọ́ọ̀tì Kuje: onígun mẹ́ta méjèèjì tó wà níbẹ̀ ló ń yege rẹ̀.